Ìwé Ìkéde Táǹkì Fífọ̀: Aago Mélòó Ni Omi Yóò Padà Dé?

Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin alábòójútó ilé, ẹ̀yin ayálégbé láti Maríìnì Bíìṣì, láti Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwé kan tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Ìwé náà ni èyí tí alábòójútó ilé máa ń lẹ̀ mọ́ ara géètì láti sọ fún àwọn ará ilé pé a fẹ́ fọ táǹkì, omi kò ní í yọ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ìwé yẹn jẹ́ ara iṣẹ́ táǹkì fífọ̀ gan-an. Alábòójútó tí kò mọ ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò lè kọ aago tó jẹ́ òótọ́ sínú ìwé rẹ̀. Tí aago inú ìwé bá sì jẹ́ irọ́, àwọn ènìyàn yóò ṣí ẹ̀rọ nígbà tí omi inú rẹ̀ burú ju èyí tí wọ́n ń mu lánàá lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé iṣẹ́ náà ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, ká wá rí bí ìwé náà yóò ṣe kọ ara rẹ̀.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ táǹkì

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí iléeṣẹ́ omi Ìjù ti ń fa omi wá sí Èkó, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò wa ń gbé ayé wọn lórí kànga ẹ̀rọ, súmò àti táǹkì orí òpó. Ilẹ̀ wa kò ga, ọ̀sà sún mọ́ wa. Omi abẹ́ ilẹ̀ létí ọ̀sà máa ń ní iyọ̀ nígbà mìíràn, ó sì máa ń ní irin nínú. Irin yìí kì í hàn nígbà tí súmò bá kọ́kọ́ gbé omi jáde, nítorí ó ti yọ́ sínú omi náà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án nínú táǹkì ni yóò di pupa, tí yóò sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Òun ni ẹ ń rí tí aṣọ funfun yín fi ń pọ́n. Ìlànà omi mímu ilẹ̀ Nàìjíríà kò fẹ́ kí irin ju ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá mílígíráàmù, ìyẹn 0.3, lọ nínú lítà omi kan.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa yìí, pẹ̀lú iyanrìn tí súmò fà wá àti eruku tó gba ìdérí wọlé, ni ó ń kó jọ sísàlẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó rú u, omi tó wà lókè rẹ̀ lè mọ́ fún oṣù púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yí padà tí ẹyẹ, ọmọńlé tàbí eku bá ráyè wọ táǹkì. Àwọn kòkòrò àìsàn lè sá pamọ́ sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, ọjọ́ tí a bá sì rú u ni gbogbo rẹ̀ yóò bá omi lọ sínú ọ̀pá.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti ìlú Gídíónì ní ìpínlẹ̀ Mìsúrì, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìlú kékeré ni, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ju bí 1,100 lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, wọ́n ń ráhùn pé omi ń rùn, adùn rẹ̀ sì ti yí padà. Àwọn alábòójútó omi ṣí gbogbo ẹnu ọ̀pá ńlá ìlú náà láti tú omi àtijọ́ dànù. Èrò wọn dára, ṣùgbọ́n omi tó ń ya jáde lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fa omi inú táǹkì jáde, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ibẹ̀ sì bá a dé ilé àwọn ènìyàn. Àwọn olùwádìí rí i pé ìdérí ọ̀kan nínú àwọn táǹkì náà ti bàjẹ́, ẹyẹ sì ti ń gbabẹ̀ wọlé. Wọn kì í fi kílóríìnì sínú omi wọn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí ènìyàn 650 ló ṣàìsàn, àwọn arúgbó méje tí wọ́n ń gbé nínú ilé ìtọ́jú kan sì kú.

Ẹ kíyè sí i pé ìdọ̀tí náà ti wà nínú táǹkì kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ tí wọ́n ṣe láìdènà ẹ̀rọ omi, láìsọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má mu ún lásìkò yẹn, ló gbé e dé ẹnu wọn. Àwa tí onígbáméjì kọlù ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024 mọ ohun tí omi tó bàjẹ́ lè ṣe.

Ilé kan bí àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Maríìnì Bíìṣì, kí a fi ṣe ìṣirò. Ó ní fúláàtì méjìlá, ènìyàn márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ọgọ́ta ènìyàn. Táǹkì rọ́bà méjì ló wà lórí òpó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 5,000 lítà. Súmò ilé náà ń gbé 1,500 lítà wá ní wákàtí kan. Alábòójútó kọ ọ́ sínú ìwé pé: «Omi kò ní í sí ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta láti aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.» Ṣé òótọ́ ni?

Àárọ̀ aago 7, wọ́n ti fáfù, wọ́n tú omi inú rẹ̀ dànù, wọ́n kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jáde, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀ lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ṣàn án títí omi ìṣàn fi mọ́. Ká ní ó gba wákàtí mẹ́rin fún táǹkì méjèèjì. Aago 11 ti lù. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dúró, tí wọ́n á sọ pé táǹkì ti mọ́. Ojú ló rí i bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó ń fa àìsàn kì í bá ọṣẹ lọ tán, àti pé ẹsẹ̀ ẹni tó wọ inú táǹkì fọ̀ ọ́ náà ti tẹ ibẹ̀. Kílóríìnì ló kù.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi síta rọrùn láti tẹ̀ lé. Wọ́n ní kí a bu omi tó mọ́ sínú táǹkì títí yóò fi dé ìdá mẹ́rin rẹ̀, kí a wá fi 80 gíráàmù kílóríìnì oníyẹ̀fun líle, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́, sí i fún ẹgbẹ̀rún lítà kọ̀ọ̀kan tí táǹkì náà lè gbà. Lẹ́yìn náà, kí a bu omi kún un, kí a dé e, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Táǹkì tiwa ń gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lítà, nítorí náà 400 gíráàmù ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní kílóríìnì olómi inú ìgò tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun nìkan, tí ó sì jẹ́ ti ìdá mẹ́ta ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, yóò nílò bíi lítà méje fún táǹkì kan. Kó rí i pé kò ní òórùn lọ́fínńdà nínú, kò sì tíì pẹ́ lórí àtẹ, nítorí agbára rẹ̀ ń dínkù bó ṣe ń pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí aago wa. Táǹkì méjì kún fún 10,000 lítà. Súmò wa yóò lo wákàtí mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú láti kún wọn, tí NẸ́PÀ kò bá mú iná lọ. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Omi alágbára yìí yóò wà bẹ́ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn rẹ̀ la óò tú u dànù, bíi wákàtí méjì, ká tún bu omi tuntun kún un, wákàtí mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú mìíràn. Òru Ọjọ́ Ajé ni yóò kún, àárọ̀ la óò sì dán an wò. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé omi kò ní í ṣeé mu títí di aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Wákàtí mẹ́sàn-án tí alábòójútó kọ ti di mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Ìlànà náà gbà kí a sọ kílóríìnì di ìlọ́po méjì, 800 gíráàmù fún táǹkì wa, kí ó wà nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ péré. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú ni omi yóò dé. Síbẹ̀, kò sí ọ̀nà tí yóò fi jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tó bá ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ láago mẹ́rin ọjọ́ náà, tó fi omi rẹ̀ po oúnjẹ ọmọ ọwọ́, kílóríìnì ló ń pò.

Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì

Ó ya mí lẹ́nu pé táǹkì méjì ń wà nínú ilé, a sì máa ń fọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fọ ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ yìí, tí a fi èkejì sílẹ̀ kó máa fún ilé lómi, àǹfààní ńlá ni. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, a fọ táǹkì àkọ́kọ́ tán ní aago 9, ó kún fún omi kílóríìnì ní bíi aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó wà bẹ́ẹ̀ títí di àsìkò kan náà lọ́jọ́ kejì. A tú u, a tún un kún, ó tó lò ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú. Ní gbogbo àkókò yẹn, 5,000 lítà inú táǹkì kejì ń bẹ fún ọgọ́ta ènìyàn, ìyẹn lítà mẹ́tàlélọ́gọ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, súmò sì lè tún un kún lọ́sàn-án Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ti táǹkì kejì.

Ohun kan ṣoṣo ló lè ba ètò yìí jẹ́: fáfù tó ń jò. Bí fáfù táǹkì tí a ń fọ̀ kò bá dì dáadáa, omi kílóríìnì yóò máa yọ́ lọ bá omi tí àwọn ènìyàn ń lò, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Àwọn ilé mìíràn tún wà tí ọ̀pá kan so ìsàlẹ̀ táǹkì méjèèjì pọ̀ láìsí fáfù láàrin wọn. Ojú rí méjì níbẹ̀, ṣùgbọ́n táǹkì kan ni wọ́n.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ kò gba owó. Lálẹ́ ọjọ́ bíi mẹ́ta ṣáájú iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí púlọ́ńbà ti fáfù tí omi ń gbà wọlé àti èyí tó ń gbà jáde nínú táǹkì náà. Kí ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé lára táǹkì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti wẹ̀ tí wọ́n ti fọ abọ́, kí ó gun orí òpó lọ wò ó. Tí omi bá ti kúrò níbi àmì, fáfù ń jò. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ kọ ìwé ìkéde ti wákàtí mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹ má kọ̀wé kí ẹ tó dán fáfù wò.

Omi tí ará ilé yóò pọn sílẹ̀

Tí omi yóò bá lọ pátápátá, ìwé gbọ́dọ̀ sọ iye tí ó yẹ kí ènìyàn pọn. «Ẹ pọn omi tó pọ̀ sílẹ̀» kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ fi ogún lítà lé ènìyàn kan lórí fún ọjọ́ kan, fún mímu, sísè àti ìmọ́tótó tí a kò lè ṣe láìsí. Ènìyàn márùn-ún, ọjọ́ méjì: igba lítà. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà-márùndínlọ́gbọ̀n, irú èyí tí àwọn mẹ́rúwà ń kó sínú ọmọlanke, mẹ́jọ ni. Bí a bá sọ «kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún», ìyá ilé yóò mọ ohun tí yóò ṣe.

Kí wọ́n pọn ọ́n nígbà tí táǹkì ṣì kún. Ilé wa yóò pọn 2,400 lítà, èyí tí kò tó ìdá mẹ́rin omi inú táǹkì méjèèjì. Tí a bá dúró dìgbà tí omi ti lọ sílẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni yóò máa bá omi jáde. Nítorí náà, alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni pípọn omi yóò parí, kì í ṣe àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta nígbà tí òṣìṣẹ́ ti dé.

Ìwé náà gbọ́dọ̀ tún sọ ohun tí ojú àti imú yóò rí. Níbi tí irin pọ̀ nínú omi, kílóríìnì máa ń sọ ọ́ di pupa kíákíá. Àwọn ará ilé yóò rí omi pupa tí a ń tú dànù, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ ti ba omi jẹ́. Kò bà á jẹ́. Irin tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fara hàn. Àmọ́ irin yìí ń jẹ kílóríìnì, ìyẹn sì ni alábòójútó gbọ́dọ̀ ṣọ́. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún, kí ó fi ohun èlò ìdánwò kílóríìnì wò ó. Tí kílóríìnì kò bá sí mọ́ rárá, irin àti ìdọ̀tí ti jẹ ẹ́ tán, iṣẹ́ kò sì tíì ṣe. Kí wọ́n tún un ṣe.

Lẹ́yìn tí omi tuntun bá ti wọlé, kí ó wà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a tún dán an wò. Àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ tó bá yọ nínú ìgò ìdánwò ń sọ iye kílóríìnì tó kù. Bí ó bá jẹ́ ìdajì mílígíráàmù nínú lítà kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ó tó mu. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, a óò tú u, a óò sì tún bu òmíràn.

Ìwé náà

Ní báyìí, ẹ gbọ́ ìwé tí ó bá iṣẹ́ yìí mu, fún ilé tí fáfù rẹ̀ kò dì, tí a gbọ́dọ̀ fọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan:

«Sí gbogbo ará ilé yìí. Ẹ kú iṣẹ́ o. A óò fọ táǹkì méjèèjì ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Omi yóò dúró láago méje àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì ní í ṣeé lò títí di aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pọn omi yín kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì tó lù: kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kí ti mímu dá wà. Láàrin ìgbà tí omi dúró, omi tó bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ní kílóríìnì líle nínú. Ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ má fi wẹ ọmọ, ẹ má fi ṣe àlùwàlá. Tí ẹ bá rí omi pupa tí a ń tú dànù, irin ni. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ má ṣí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ajé títí ẹ ó fi rí ìwé kejì lára géètì yìí. Tí iná bá lọ tí iṣẹ́ fi pẹ́, a óò kọ aago tuntun síbí. Nọ́ńbà tí ẹ lè pè wà nísàlẹ̀ yìí. Alábòójútó ilé.»

Ẹ rí i pé kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí kò ti inú ìgbésẹ̀ iṣẹ́ jáde. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, kí ẹ tún un sọ lẹ́nu lọ́jọ́ Ẹtì. Ní àdúgbò tí Yorùbá, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò àti Haúsá jọ ń gbé, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Píjìnì pẹ̀lú èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́.

Àwọn tí ìwé kì í dé ọ̀dọ̀ wọn

Àwọn kan wà tí wọn kì í ṣe ará ilé. Aládùúgbò tó ń wá ra omi lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà níta, ìyá olóúnjẹ tó ń fi garawa gbé e lọ, mẹ́rúwà tó ń kún kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ìwé géètì kò kàn wọ́n, wọ́n sì lè kó omi kílóríìnì lọ tà fún ẹlòmíràn. Ẹ yọ ọwọ́ ẹ̀rọ ìta yẹn, tàbí kí ẹ fi àgádágodo tì í, kí ẹ so páálí mọ́ ọn. Kí ẹnì kan sì wà níbẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta láti sọ fún wọn.

Àwọn tó ń wọ inú táǹkì náà wà lára àwọn tí a gbàgbé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé nìkan láìsí ẹni tó dúró lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má da kílóríìnì pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ̀ṣálángá tó ní ásíìdì, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ni yóò gbé jáde. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ oní-pẹtiróòlù fa omi láti inú táǹkì abẹ́ ilẹ̀, ẹ má gbé ẹ̀rọ náà sínú rẹ̀ tàbí sí ẹnu rẹ̀, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn kí ó tó mọ̀. Bí ẹ bá ń tú omi kílóríìnì sí gọ́tà, ẹ yan ìgbà tí òjò kò rọ̀, tí gọ́tà kò kún, kí ó má bàa padà wọ kànga aládùúgbò.

Ẹ̀yin alábòójútó, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín rèé. Kí ẹ tó kọ ìwé tó ń bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ púlọ́ńbà yín iye lítà tí súmò ń gbé ní wákàtí kan àti bí fáfù ṣe dì sí, kí ẹ fi ìdáhùn méjèèjì ṣírò aago tí omi yóò padà dé. Ẹ̀yin ayálégbé, tí ẹ bá rí ìwé tó ní wákàtí mẹ́sàn-án ni a óò fi fọ táǹkì, ẹ lọ bá alábòójútó yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ bi í pé wákàtí mélòó ni kílóríìnì yóò fi wà nínú omi. Ìwé kejì, èyí tó sọ pé a ti dán omi wò, iye kílóríìnì tí a bá nínú rẹ̀ àti aago tí a dán an wò, ni kí ẹ dúró dè kí ẹ tó mu ún.